Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Lórí Èèyi: Bí A Ṣe Ń To Ètò Tó Ń Ṣàlàyé Bí Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Ṣe Ń Kọ́ Ara

Ní Ìlawẹ̀, ní Èkìtì, ni mo ti kọ́kọ́ ka irú àkọsílẹ̀ tí a fi ń ṣàlàyé abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, lábẹ́ igi tó wà níwájú ibi tí wọ́n ti ń dúró gba abẹ́rẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá géérégé ni mo lò, inú mi sì dùn sí i. Ìyá kan tó pọn ọmọ wá bi mí pé, "Bọ̀dá, oògùn tí wọ́n gún fún ọmọ yìí, ṣé ó máa ń tán lára rẹ̀? Tó bá tán ńkọ́?" Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Dókítà Jenner wà níbẹ̀, òyìnbó tó sín ọmọkùnrin kan ní gbẹ́rẹ́ lápá nítorí ṣọ̀pọ̀nná lọ́dún 1796. Orúkọ àrùn mẹ́sàn-án wà níbẹ̀. "Àwọn ọmọ ogun inú ara" wà níbẹ̀ lójú ewé gbogbo. Ìdáhùn ìbéèrè ìyá yẹn nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń to ètò mi yí ìbéèrè yẹn ká. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ mú àrùn kan ṣoṣo

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò gba àrùn méjì. Èèyi ni mo máa ń mú, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní mísùsì, torí pé kò sí àgbà ilé kan ní Èkìtì tí kò mọ ojú rẹ̀, àti pé ọjọ́ inú ìtàn rẹ̀ ṣe é kà lórí ìka. Lórílẹ̀-èdè wa, nígbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gún ti àkọ́kọ́ fún un ní apá òsì, wọ́n á gún ìkejì ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú abẹ́rẹ́ náà, fáírọ́ọ̀sì èèyi fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára débi pé kò lè da ọmọ tí ara rẹ̀ pé dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn kan sí orí ìwé, kí ẹ tó kọ nǹkan mìíràn. Tèmi ni: *Oògùn á lọ, ẹ̀kọ́ á kù.* Ìdí tí mo fi yan èyí ni pé ọ̀rọ̀ "àjẹsára" fúnra rẹ̀ máa ń ṣi àwọn olùgbọ́ lọ́nà. Kí abẹ́rẹ́ tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń jẹ àjẹsára, tí wọ́n ń sín gbẹ́rẹ́, èrò gbogbo ènìyàn sì ni pé oògùn náà wọ inú ara, ó jókòó síbẹ̀, ó ń ṣọ́ni. Ẹni tó bá gbọ́ "abẹ́rẹ́ àjẹsára" á gbà pé bákan náà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí wọ́n gún sí ọmọ lápá kò ní pẹ́ tí ara fi máa pa á run tán. Ohun tí ara rí kọ́ lára rẹ̀ ni kì í lọ. Gbólóhùn yòówù nínú àkọsílẹ̀ yín tí kò bá ran èyí lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́. Jenner ni mo kọ́kọ́ yọ, ó sì dùn mí díẹ̀.

Ẹ wọn ẹnu ara yín

Ẹ ka ojú ewé kan sókè bí ẹni ń ṣàlàyé fún àbúrò yín, kì í ṣe bí ẹni ń ka ìròyìn, kí fóònù máa ka àkókò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tí ẹ kà. Tèmi máa ń jẹ́ 120. Ìyẹn ni pé 1,200 ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè gbà, ṣùgbọ́n 1,080 ni mo máa ń kọ. Ìṣẹ́jú kan tó ṣẹ́ kù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ni ín. Ẹni tí kò bá fi ààyè sílẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní ìṣẹ́jú kẹjọ, níbi tó yẹ kó ti máa rọra sọ̀rọ̀ gan-an.

Bí mo ṣe pín in rèé. Àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá fún ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 90 ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́, 165. Ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, 430. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ọjọ́ tí èèyi gidi dé, 165. Ìṣẹ́jú kan àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá fún ibi tí agbára abẹ́rẹ́ mọ, 175. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn, 55 ọ̀rọ̀, fún ìparí. Ẹ ṣàkíyèsí pé àárín ló sanra. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí mo ń rí, ìbẹ̀rẹ̀ ló sanra nínú wọn, tí wọ́n bá máa fi dé ohun tí ara ń ṣe, ó ti ku ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ tún fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀, àní bó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kà á. Mo gbé àkọsílẹ̀ kan tí kò ní àmì fún ọ̀rẹ́ mi kan láti kà níbi ìkójọpọ̀ kan. Níbi tí mo kọ "eeyi" sí, "èyí" ló ń kà. "Èyí ti pa ọmọ púpọ̀," ó ní, gbogbo ènìyàn sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ láti mọ èyí tó ń tọ́ka sí.

Ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́: eré ìje

Abala kejì ló ń jẹ́ kí abala kẹta nítumọ̀, torí náà ẹ fi òǹkà ọjọ́ ṣe é. Fáírọ́ọ̀sì èèyi gba imú wọlé. Láti ọjọ́ tó wọlé títí di ọjọ́ tí ibà máa bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá ni. Ara tí kò rí i rí náà kò jókòó lásán, ṣùgbọ́n ó máa ń gbà á tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lè pèsè èròjà agbóguntàrùn tó pọ̀ tó. Nínú àkọsílẹ̀ mi, mo kọ ọ́ báyìí:

"Àwọn méjì ló ń sáré nínú ara ọmọ yìí. Èèyi ń sáré. Ara ọmọ náà ń sáré. Èèyi fi ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Nínú ọjọ́ díẹ̀ yẹn ni ojú ti pọ́n, ni ikọ́ ti dé, ni ara ti sú."

Gbólóhùn kéékèèké ni mo lò níbẹ̀, torí pé eré ìje ni. Ibi tí ìtàn bá ti ń rìn gbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn gùn. Olùgbọ́ á fi etí mọ̀ pé nǹkan ti yí padà kí ẹ tó sọ fún un.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó wà láàárín: uṣu, kì í ṣe ọmọ ogun

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi dúró pẹ́.

Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé abẹ́rẹ́ ń kọ́ ọmọ ogun inú ara bí wọ́n ṣe ń jagun. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ara ń ṣe. Ọmọ ogun tí a kọ́ ti wà tẹ́lẹ̀, òun kan náà la wá kọ́ ní nǹkan tuntun. Nínú ara, kò sí sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n jókòó tì, tí wọ́n fi àwòrán èèyi hàn títí ó fi mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ni ara ti ní oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì tí a ń pè ní Bíì àti Tíì, oríṣi tó pọ̀ ju ohun tí a lè kà lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni oríṣi kọ̀ọ̀kan. Oríṣi kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ó kàn bá èèyi mu. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni kí a lè rí oríṣi yẹn, kí a mú un, kí ó di púpọ̀, kí a sì fi díẹ̀ pamọ́ nínú rẹ̀.

Kí ni èyí jọ, bí kò ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ oníṣu? Èkìtì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ti iṣu. Torí náà, àká ni mo fi ń ṣe é. Inú àká ni oríṣiríṣi iṣu wà, ewùrà wà, èsúrú wà, àwọn mìíràn wà tí a kì í sábà jẹ. Ẹnì kan bu ilẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan wá láti oko tí kò sí ẹni tó dá a rí, ó ní, "Iṣu wo ló máa ṣe dáadáa nínú ilẹ̀ yìí?" Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò títí, wọ́n rí ọ̀kan. Wọ́n gé e ní èbù, wọ́n gbìn ín, ó di ẹbè rẹpẹtẹ. Nígbà tí wọ́n wà á, wọ́n lo èyí tó pọ̀, wọ́n sì fi èbù díẹ̀ pamọ́ de ọdún mìíràn.

Bí mo ṣe ń gbé e kalẹ̀ nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin náà nìyí, ìṣẹ́jú kan fún ohun kan.

Ìṣẹ́jú kìíní jẹ́ ti apá. Nọ́ọ̀sì gún ọmọ, ọmọ ké. Ní ojú ibi tí abẹ́rẹ́ wọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí mo ń pè ní oníbodè. Wọ́n bu díẹ̀ lára àjèjì tó wọlé, wọ́n gbé e lọ sínú àwọn kókó kéékèèké tó wà ní abíyá. Ẹ sọ fún olùgbọ́ kó fi ọwọ́ kan abíyá ara rẹ̀. Mo máa ń kọ "ẹ dúró, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin" sí etí ìwé níbẹ̀, torí pé wọ́n á fi ọwọ́ kàn án lóòótọ́, ẹni tó bá sì ti fọwọ́ kàn án kò ní gbàgbé pé ibẹ̀ ni àká wà.

Ìṣẹ́jú kejì jẹ́ ti yíyẹ̀wò. Inú kókó yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì Bíì àti Tíì ń gbà kọjá. Oníbodè ń fi ohun tó gbé wá hàn wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù á kọjá lọ. Ẹ ka á jẹ́ẹ́: "Èyí kọ́. Èyí kọ́. Èyí náà kọ́." Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí ẹ tó sọ pé, "Èyí ni."

Ìṣẹ́jú kẹta jẹ́ ti gbígbìn. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ibí ni ọ̀sẹ̀ méjì ti ń lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere pé ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ lánàá kò tíì ní ààbò lónìí. Ibí náà ni ẹ ti máa sọ ti ara gbígbóná. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkejìlá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ èèyi, nǹkan bíi márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú 100 ọmọ ni ara wọn á gbóná, ti àwọn mìíràn á sú díẹ̀. Ó máa ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, tàbí tí gìrì bá gbé ọmọ, kí wọ́n gbé e padà lọ síbi ìtọ́jú. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìparí ètò, ìkìlọ̀ ni wọ́n á gbọ́. Bí ẹ bá fi í síbí, wọ́n á mọ̀ pé ara ló ń ṣiṣẹ́ oko.

Ìṣẹ́jú kẹrin jẹ́ ti ìkórè àti èbù. Ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà pèsè ni agbóguntàrùn. Àmọ́ àfiwé iṣu máa ń já níbí, ẹ má sì fi bò fún olùgbọ́. Iṣu kì í bá ilẹ̀ jà. Mo máa ń sọ ọ́ gbangba: "Ẹ jẹ́ ká fi iṣu sílẹ̀ díẹ̀." Màá wá sọ ní ṣókí pé agbóguntàrùn máa ń lẹ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì lára kó má baà lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì wa. Lẹ́yìn náà ni màá padà sí àká: iṣẹ́ parí, ara pa àjèjì náà run, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣiṣẹ́ kú. Díẹ̀ kò kú. Wọ́n padà sí àká, wọ́n ń retí. Sẹ́ẹ̀lì aláìgbàgbé ni mo ń pè wọ́n. Ibí ni ẹ ti máa sọ gbólóhùn orí ìwé yín fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré: oògùn á lọ, ẹ̀kọ́ á kù.

Orúkọ tuntun mẹ́ta péré ló wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́rin yìí: oníbodè, agbóguntàrùn, aláìgbàgbé. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀kẹrin kún un, ẹ yọ ọ̀kan. Bó bá jẹ́ abúlé lẹ ti ń kà á, ẹ pe iṣu ní "uṣu" bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Ìyàtọ̀ tí ọ̀rọ̀ kan yẹn ń ṣe lójú àwọn ìyá àgbà kò kéré.

Afárá láti abala kan sí èkejì

Ẹ má kọ "ní báyìí, a ó tẹ̀ síwájú sí abala kejì." Olùgbọ́ kò rí abala kankan, ìwé ọwọ́ yín ló ní abala. Ohun tó ń gbé ènìyàn láti ibì kan lọ sí ibòmíràn ni gbèsè. Ẹ jẹ́ kí abala kọ̀ọ̀kan parí pẹ̀lú ohun kan tí ẹ kò tíì san.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sí abala kejì, ìbéèrè ìyá Ìlawẹ̀ ni mo fi ń ṣe é: "Ṣé oògùn yẹn máa ń tán? Ó máa ń tán. Kí ló wá ń ṣọ́ ọmọ? Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká wo ọmọ tí wọn kò gún ún rárá." Láti eré ìje sí abẹ́rẹ́: "Ọjọ́ díẹ̀ ni èèyi fi ṣáájú. Bí a bá lè jẹ́ kí ara ti sá eré tirẹ̀ tán kí èèyi tó dé ńkọ́?" Láti àká sí ọjọ́ tí èèyi gidi dé: "Èbù wà nínú àká. Ọdún kan kọjá. Ọmọ aládùúgbò wá wúkọ́ sí i lójú." Ẹ wò ó pé kò sí ọ̀rọ̀ ìṣípòpadà kankan nínú wọn, síbẹ̀ a ti kúrò níbi tí a wà.

Abala kẹrin yẹn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Èèyi wọlé, èbù ti wà nílẹ̀, ohun tó gba ọ̀sẹ̀ méjì lákọ̀ọ́kọ́ gba ọjọ́ díẹ̀, ọmọ ń ṣeré lọ. Ìbéèrè kan máa ń tibẹ̀ jáde, ẹ dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó bèèrè: kí ló dé tí a kò jẹ́ kí ọmọ ṣe èèyi gidi kó fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà? Yàtọ̀ sí pé èèyi ń pa ọmọ, ó tún máa ń jẹ èbù. Fáírọ́ọ̀sì náà ń wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì aláìgbàgbé tí ara ti fi pamọ́ nítorí àwọn àrùn mìíràn, ó ń pa wọ́n. Ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ èèyi lè wà fún oṣù púpọ̀, àní ọdún, tí àwọn àrùn tí ara rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á tún máa dà á láàmú. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí agbára abẹ́rẹ́ mọ

Ẹ má fo abala yìí. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ọmọ kan ní àdúgbò tó gba abẹ́rẹ́ tó sì tún ṣe èèyi ló máa sọ ọ́ fún wọn, gbogbo ohun tí ẹ ti sọ á sì dàbí irọ́.

Nínú 100 ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ èèyi ní oṣù mẹ́sàn-án, nǹkan bíi 85 ni ẹ̀kọ́ á wọ̀ lára. Nínú àwọn tó kù, èbù kò hù. Ìdí kan ni pé ọmọ jogún agbóguntàrùn lára ìyá rẹ̀ kí a tó bí i, ìyẹn ló ń ṣọ́ ọ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Bí ti ìyá bá ṣì wà lára ọmọ, á pa fáírọ́ọ̀sì inú abẹ́rẹ́, tó jẹ́ ilẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ inú àfiwé wa, kó tó dé àká. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ń gún un ní ọjọ́ ìkómọ, ìdí nìyẹn náà tí ìkejì fi wà. Nígbà tí ọmọ bá gba méjèèjì, nǹkan bíi 97 nínú 100 ló máa ní ààbò. Gbólóhùn tí mo máa ń kà lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ kejì kì í ṣe àfikún agbára fún ọmọ tí ti àkọ́kọ́ ti wọ̀ lára. Àtúngbìn ni fún ọmọ tí tirẹ̀ kò hù, a kò sì lè fi ojú mọ ọmọ náà láàárín àwọn yòókù.

Kí ẹ tó gbé e jáde

Ẹ kà á fún ènìyàn mẹ́ta tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn, wọ́n á ní ó yé àwọn. Ẹ ní kí ẹnì kan tún un sọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, kí ẹ̀yin jókòó kí ẹ máa gbọ́. Ibi tó bá ti sọ pé "wọ́n wá ṣe nǹkan kan níbẹ̀," ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ yín ti fọ́.

Nígbà tí mo ṣe é ní Ìkẹ́rẹ́, ìyá kan tó ń ta iṣu sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin láìtàsé, àfi ibì kan. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ló gbé èbù wá, ó gbìn ín sí ọmọ lápá." Èmi ni mo ṣì í lọ́nà, torí mo ti sáré kọjá níbi ilẹ̀ ẹ̀kúnwọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo yọ gbólóhùn méjì kúrò nínú ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fi àkókò wọn kọ èyí sí ìṣẹ́jú kejì abala kẹta: "Nọ́ọ̀sì kò gbé iṣu wá. Ilẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ ló bù wá. Iṣu náà ti wà nínú àká ọmọ rẹ láti ìgbà tí o ti bí i."